Eéwo abẹ́: ọ̀pọ̀ ìgbà, irun ni, kì í ṣe "sítáfù"

Ẹni tó bá ń wọ danfo láti Yábàá lọ sí Ojúẹlẹ́gba mọ ohùn yẹn dáadáa. Ẹnì kan á dìde lẹ́yìn dírẹ́bà, á kí gbogbo èrò, á gbàdúrà fún wa, lẹ́yìn náà á fa ike àgbo yọ. Kò ní pẹ́ tí á fi dé orí "sítáfù". Bí abẹ́ bá ń yún yín, sítáfù ni. Bí ẹ̀yìn bá ń ro yín, sítáfù ni. Bí eéwo bá ń sọ yín lójú abẹ́, ọ̀gá mi, àǹtí mi, sítáfù ti wọnú ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ẹ tètè ra ike méjì.

Èmi kò gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kókó tó ń dun àwọn ọ̀dọ́ lójú abẹ́ àti ní ibi tí itan ti pàdé ara kò ti inú ẹ̀jẹ̀ wá rárá. Orí awọ ló ti bẹ̀rẹ̀, láti ara irun tí a fá àti aṣọ tó fún. Ẹni tó bá mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lè fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti sùúrù tọ́jú púpọ̀ nínú rẹ̀ nílé, á sì mọ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà bá kúrò ní ti ilé. Òfin ni mo kọ́, n kì í ṣe dọ́kítà. Ìtọ́jú tí mo kọ síbí jẹ́ ohun tí àwọn dọ́kítà awọ ara máa ń sọ fún ẹni tó bá lọ bá wọn. Ìbínú tó wà nínú rẹ̀ ni tèmi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ sítáfù sí ààyè rẹ̀. Kòkòrò náà wà lóòótọ́, òun ló sì sábà máa ń wà nínú ọyún eéwo. Ṣùgbọ́n orí awọ èèyàn ló ń gbé tẹ́lẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ló ń gbé e kiri nínú ihò imú láìṣe é ní nǹkan kan. Ó dà bí àlejò tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà: bí ilẹ̀kùn ò bá ṣí, kò ní wọlé. Abẹ tí a fi fá irun ló máa ń ṣílẹ̀kùn. Bí kòkòrò yìí bá wọnú ẹ̀jẹ̀ ní tòótọ́, ẹni náà ò ní lè wọ danfo débi tí á ra àgbo. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló máa wà.

Báwo wá ni irun ṣe ń di kókó? Irun tiwa ká, ihò tó sì ti ń jáde lábẹ́ awọ náà ká. Tí abẹ bá gé e, orí rẹ̀ á mú ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Bó ṣe ń hù padà, dípò kó lọ síwájú, ó máa ń ká padà, á sì gún awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti jáde. Ọ̀nà kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí a bá fọwọ́ na awọ bá a ṣe ń fá a, tàbí tí a fá a lòdì sí ọ̀nà tí irun ń hù sí, abẹ á gé irun náà jìn ju ojú awọ lọ. Tí awọ bá padà sí ààyè rẹ̀, orí irun á wà nínú lọ́hùn-ún, á sì gún ara láti inú kó tó ríta rárá. Ara ò mọ̀ pé irun tòun ni. Ó gbà pé ẹ̀gún ló wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Ìjà yẹn ló ń di kókó kékeré tó ń yún, tó ń ta, tó sì ń dúdú. Kò tíì sí kòkòrò kankan nínú ọ̀rọ̀ nígbà yẹn.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí irùngbọ̀n. Ó ti pẹ́ tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ti ń rí i pé àwọn sójà aláwọ̀ dúdú ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá fínra jù. Dípò kí wọ́n máa fún wọn ní oògùn nìkan, wọ́n ti fún ọ̀pọ̀ wọn ní ìwé pé kí wọ́n má fá irùngbọ̀n fún ìgbà kan. Ẹ kíyè sí i o: ìtọ́jú tó dájú jù ni kí a fi irun sílẹ̀ kó hù.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ọmọ Yábàá kan ṣe àpẹẹrẹ. Mi ò sọ ìtàn ẹnikẹ́ni, ẹ fọkàn yà á ni. Ó jẹ́ ọmọ ọdún 24, ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní Sábó. Ní alẹ́ Fúráìdeè, ó mú réésà tó ti lò fún oṣù kan, ó fá abẹ́ ní gbígbẹ, ó fá a lọ, ó fá a bọ̀, kó lè dán. Lẹ́yìn náà ó da sípíríìtì sí i. Ní Sátidé, ó wọ jíìnsì tó rà ní Téjúoṣó, èyí tó mú un lẹ́sẹ̀ pinpin, ó sì wọ̀ ọ́ lọ sí òde láti ọ̀sán di òru. Oòrùn mú, òógùn ṣàn, jíìnsì ń ha ojú ibi tó fá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán Sọ́ńdè, kókó wẹ́wẹ́ bíi mẹ́fà ti yọ, wọ́n ń yún. Ní Mọ́ńdè, ó fi èékánná fún èyí tó tóbi jù, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde. Ní Wẹ́sìdeè, ibi tó fún yẹn ti wú tó èkùrọ́, ó le, ó gbóná, kò lè jókòó dáadáa mọ́. Ó wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan wú mi lábẹ́."

"Sítáfù ni, àbúrò. Gba ámpíkílọ́ọ̀sì, mẹ́rin lónìí, mẹ́rin lọ́la. Kó o wá fi kírímù yìí pa á."

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ̀ síwájú ní ìpele ìpele. Ní Fúráìdeè, ó ṣí ilẹ̀kùn. Ní Sátidé, aṣọ tó fún ti irun padà sínú awọ, òógùn àti ìhalẹ́ara aṣọ sì mú kí awọ náà bó díẹ̀ díẹ̀. Ní Sọ́ńdè, irun nìkan ló ń bá jà, ìyẹn ni ọjọ́ tó rọrùn jù láti tún un ṣe. Ní Mọ́ńdè, èékánná rẹ̀ ló ti kòkòrò wọlé, tó sì fọ́n ọyún díẹ̀ tó wà níbẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Ohun tí ì bá rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló di eéwo.

Kí ló yẹ kó ṣe ní Sọ́ńdè yẹn? Ohun àkọ́kọ́ ni kó gbé réésà sílẹ̀ pátápátá, kó má sì fọwọ́ kàn án mọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán. Kó bọ́ jíìnsì, kó wọ pátá tàbí bọ́sà olówùú tí kò fún, kó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ àti nígbàkigbà tó bá ti làágùn. Kó fi omi àti ọṣẹ tí kò ta wẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, láìfi kànìnkànìn ha á. Kó rẹ aṣọ ìnura mímọ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, èyí tí ọwọ́ lè gbà láìjó ni, kó fún un, kó gbé e lé ojú kókó náà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Ooru yẹn á rọ awọ, irun púpọ̀ á sì rí ọ̀nà jáde fúnra wọn.

Bí ẹ bá rí irun tó ká bí òrùka lójú awọ, tí ẹ rí i kedere, ẹ lè fi imú abẹ́rẹ́ tí a ti fi sípíríìtì nù gbé e sókè kí orí rẹ̀ bọ́ síta. Ẹ gbé e sókè nìkan, ẹ má fà á tu, torí èyí tó bá tún hù lẹ́yìn rẹ̀ lè tún wọlé. Bí ẹ ò bá rí irun náà, ẹ má wá a. Ẹni tó bá ń fi abẹ́rẹ́ wa ilẹ̀ lára ara rẹ̀ máa rí àpá àti eéwo.

Tó bá ti di eéwo bí ti Wẹ́sìdeè ńkọ́? Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan náà ni, ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ léra ni. Ọ̀pọ̀ eéwo kékeré máa lórí láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ kan, á sì tú fúnra rẹ̀. Tó bá tú, ẹ jẹ́ kó ṣàn, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, ẹ fi góòsì mímọ́ bò ó, ẹ máa pààrọ̀ góòsì náà, ẹ sì fọ ọwọ́ yín ṣáájú àti lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì lo tówẹ́ẹ̀lì tàbí réésà yín, kódà bó jẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó, torí ọyún yẹn ló ń gbé kòkòrò lọ sára ẹlòmíì. Tó bá ń dùn yín, parasitamọ́ọ̀ méjì, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ 500 sí lára, tó fún àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wákàtí mẹ́fà kọjá kí ẹ tó lo òmíràn, kó má sì ju mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Àmọ́ ẹ má fún eéwo, ẹ má sì fi abẹ là á fúnra yín. Ojú itan kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀ ńláńlá. Kì í ṣe ibi tí à ń dán nǹkan wò.

Mo tún fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì yẹn, torí ibẹ̀ ni owó àti àlàáfíà wa ń bá lọ. Oògùn apakòkòrò kò rí nǹkan ṣe sí irun tó wọ awọ, torí kò sí kòkòrò tó fẹ́ pa níbẹ̀. Tó bá sì ti di eéwo tó kún fún ọyún, oògùn náà kì í ráyè dé àárín ọyún yẹn dáadáa, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn débẹ̀. Ohun tó ń wo eéwo ńlá sàn ni kí ọyún jáde. Lílo ọjọ́ méjì péré, kí a wá dáwọ́ dúró, tún burú sí i: kòkòrò tí kò kú á kọ́ bí á ṣe máa sá fún oògùn náà, lọ́jọ́ tí ẹ bá sì nílò rẹ̀ ní tòótọ́, kò ní ṣiṣẹ́. Ní ti kírímù, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn kírímù alápòpọ̀ tí wọ́n ń tà fún "gbogbo àrùn awọ" ní kilobẹ́tásọ́ọ̀lù nínú, oògùn tó lágbára tó ń mú kí ara má lè bá kòkòrò jà níbi tí a fi í sí, tó sì ń sọ awọ abẹ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Pupa á rọlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó rò pé ó ti sàn, nígbà tí nǹkan ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tó jẹ́ ti òfin. Ìwé àṣẹ tí PCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ apòògùn, ń fún ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì kéékèèké wà fún oògùn tí èèyàn lè rà láìsí ìwé dọ́kítà. Ámpíkílọ́ọ̀sì kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tó ń kà á lé yín lọ́wọ́ mẹ́rin mẹ́rin, tí kò wo ojú ibẹ̀, tí kò béèrè bóyá pẹnisílíìnì ń bá ara yín jà, kò ní àṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá apòògùn gidi nínú ilé oògùn tó lórúkọ, ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó. Bó bá ní kí ẹ lọ rí dọ́kítà, ẹ má bínú sí i.

Nígbà wo gan-an ló yẹ kí ẹ rí dọ́kítà? Bí eéwo bá ń tóbi sí i lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bí kò bá tíì san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, bí ó bá ju méjì lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí bí ìrora rẹ̀ kò bá jẹ́ kí ẹ rìn, ẹ lọ. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tó ń gbé pẹ̀lú kòkòrò éèdì, tàbí aláboyún kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ lọ́gán tí eéwo bá yọ. Dọ́kítà á gún abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ibẹ̀ kú, á la ojú eéwo, á fọ inú rẹ̀. Ìrora tó ti ń dà yín láàmú láti ọjọ́ mẹ́rin máa rọlẹ̀ kí ẹ tó délé.

Ó tún ní èyí tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Bí ibà bá dé tí ara ń gbọ̀n, bí pupa tàbí wíwú náà bá ń tàn lọ sí ikùn tàbí itan láàárín wákàtí díẹ̀, bí awọ bá ń dúdú tàbí tó ń rùn, tàbí bí ìrora bá pọ̀ gan-an ju ohun tí ojú rí lọ, ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lóru ọjọ́ yẹn. Lágbègbè wa, LUTH wà ní Ìdí-Àràbà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Èbúté-Mẹ́ta. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n àkóràn kan wà tó ń jẹ ẹran ara abẹ́ run láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ìtọ̀ ṣúgà sì máa ń fún un lágbára.

Àwọn kan kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì wọ́n. Wọ́n rò pé nọ́ọ̀sì á sọ pé ìṣekúṣe ló fà á. Bí ojú ibẹ̀ bá jẹ́ egbò tí kò dùn, tàbí ròrò wẹ́wẹ́ olómi tó ń ta, ìyẹn lè jẹ́ àrùn ìbálòpọ̀, àyẹ̀wò ló sì máa sọ. Eéwo láti ara irun kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tí ẹ bá sùn. Èyí ó wù kó jẹ́, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, ní abala 26, sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn, òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọ́dọ̀ gbé e kiri àyàfi níbi tí òfin bá ti gbà á láyè. Ẹ sì lè sọ pé kí obìnrin bíi tiyín, tàbí ọkùnrin bíi tiyín, wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n bá ń wò yín.

Ó ku ẹgbẹ́ kan tí mo kọ àpilẹ̀kọ yìí fún jù. Àwọn ni eéwo ń sọ, tó ń san, tó tún ń padà síbì kan náà. Tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́fà, ní abẹ́, ní abíyá tàbí lábẹ́ ọmú, tí ó ń fi àpá tó le sílẹ̀, tàbí ihò tó ń sun ọyún díẹ̀ díẹ̀, ẹ má pè é ní eéwo lásán mọ́. Ó lè jẹ́ àìsàn awọ kan tó máa ń pẹ́ lára. Oníṣẹ́ abẹ Faransé kan tó ń jẹ́ Fẹnẹ́ì ló ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa ní 1854, àwọn kan sì ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é. Bí ẹ bá fẹ́ wá a lórí fóònù, bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyí: hidradenitis suppurativa. Kì í ràn, kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń fà á, kì í sì í ṣe sítáfù inú ẹ̀jẹ̀. Ihò irun ló máa ń dí, tí á bẹ́ sínú awọ, tí ara á sì máa bá a jà láìdáwọ́ dúró. Sìgá àti ara sísanra ń mú kó burú sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ní in máa ń fi ra oògùn kiri kí ẹnì kan tó dárúkọ rẹ̀ fún wọn, ihò á sì ti gbẹ́ ọ̀nà bíi ti òkété lábẹ́ awọ. Tí dọ́kítà awọ ara bá tètè rí i, oògùn wà tó ń dín in kù. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ṣúgà pẹ̀lú.

Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ kọ déètì sínú fóònù yín nígbàkigbà tí eéwo bá yọ, àti ibi tó ti yọ. Dọ́kítà tó bá rí ìwé yẹn á mọ ohun tó ń wò ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ẹni tó bá sì tún fẹ́ fá irun lẹ́yìn tí ara bá ti balẹ̀, òfin kankan ò ní kó fá a kodoro. Kílípà tó fi irun díẹ̀ sílẹ̀ lójú awọ dára jù, torí irun tí kò mú ṣóńṣó lójú awọ kò rọrùn fún láti wọlé. Bó bá jẹ́ réésà dandan, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọ irun náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ lo tuntun, ẹ fi fọ́ọ̀mù tàbí ọṣẹ sí i, ẹ fá a síbi tí irun ń kọjú sí, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ má na awọ. Ẹ má fi sípíríìtì tàbí pọ́fíìmù sí i lẹ́yìn náà. Ẹ má sì fá a lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wọ jíìnsì lọ sóde. Ẹ fún awọ ní ọjọ́ méjì nínú ṣòkòtò tó sọ.

Ní ti ọkùnrin onike àgbo inú danfo, ẹ bá a ṣe àmín àdúrà rẹ̀. Ẹ fi owó yín sápò.